P ni àbí B? Bí a ṣe ń yọ lẹ́tà tí oòrùn bò lára pátákó ṣọ́ọ̀bù kí a tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò pátákó ṣọ́ọ̀bù kan láti Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yẹ́lò ni wọ́n kun pátákó náà, pupa ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí i. DÉPÔT DE ló bẹ̀rẹ̀, ó mọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni oòrùn ọ̀sán ta sí lórí, tó bo lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ báláú, tó wá ku OISSONS. Bó bá jẹ́ P ló wà níbẹ̀, ẹja ni wọ́n ń tà. Bó bá jẹ́ B, ohun mímu ni. DÉPÔT DE bá méjèèjì mu, nítorí náà gírámà Faransé kò lè bá wa yanjú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pé kí a yọ Faransé kúrò nínú fọ́tò náà, kí a fi Yorùbá sí i, fún ìwé kíkà àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní ìhà ọ̀hún ààlà. Ó ṣòro láti gba ìwé padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tí a bá ti kọ ÌSỌ̀ ẸJA síwájú ilé tí wọ́n ti ń ta bíà àti mínírà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ fọ́tò í tún ṣe máa ń sáré gbé búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kun yẹ́lò lé gbogbo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ tuntun sórí rẹ̀, ó tán. Ẹ̀rí tó lè sọ bóyá P ni àbí B ti bá kíkùn yẹn lọ. Ìtànyòò oòrùn náà ti bá a lọ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ a ṣì máa nílò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí oòrùn kò kàn, lórí pátákó tí oòrùn ń tàn sí, kò ní pẹ́ kí ojú tó mọ̀ pé àlẹ̀mọ́ ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́, nígbà náà, ni kí a ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dà. Ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló máa ka lẹ́tà fún wa, òun náà la ó sì tún fi tan oòrùn sórí ọ̀rọ̀ tuntun.

GIMP ni ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Orúkọ mẹ́nù tí mo kọ síhìn-ín jẹ́ ti GIMP 2.10.

Gba fáìlì gidi

Bí wọ́n bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán, WhatsApp ti sún un kì, ó sì ti tún un fún pọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà nínú ibi tó funfun ni irú ìfúnpọ̀ yẹn kọ́kọ́ máa ń jẹ, ìyàtọ̀ kékeré yẹn gan-an la sì ń wá. Sọ fún ẹni tó ya fọ́tò pé kó tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi `Document`. Bí fóònù rẹ̀ bá ya DNG, ìyẹn fáìlì tí fóònù kò tíì tún ṣe, pẹ̀lú JPEG, gba DNG náà, ṣí i nínú ètò darktable, kí o sì fa `exposure` wálẹ̀ dé -2 EV. Nígbà mìíràn lẹ́tà náà á kàn yọjú, iṣẹ́ kíkà á sì parí síbẹ̀.

Bi í léèrè pẹ̀lú bóyá ó ya ju ẹyọ kan lọ. Bí oòrùn ṣe ń ta lára pátákó sójú kámẹ́rà, igun ló ń bá rìn. Ẹni tó bá sún ìgbésẹ̀ méjì sọ́tùn-ún máa rí i pé ìtànyòò náà ti sún kúrò lórí lẹ́tà yẹn, ó ti lọ bo òmíràn. Fọ́tò kejì tí kò dára rárá, tó mì, tó tilẹ̀ gé DÉPÔT kúrò, lè jẹ́ ẹ̀rí tó tó.

Bó bá ṣeé ṣe kí ẹnì kan padà síbẹ̀, kó lọ nígbà tí òjìji bá bo iwájú ṣọ́ọ̀bù, kó fọwọ́ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, kó sì fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ kó tó yà á. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbà pé kò sẹ́ni tó lè padà lọ, pé JPEG kan ṣoṣo la ní.

Ohun tí oòrùn ṣe sí lẹ́tà náà

Ọ̀dà olóyìnbó tó ń dán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà méjì. Apá kan wọnú ọ̀dà, ó bá àwọ̀ rẹ̀ jáde: yẹ́lò tàbí pupa. Apá kejì kò wọlé rárá, ojú ọ̀dà ló ti ta padà bí ó ṣe ń ta lára gíláàsì, funfun bí oòrùn ṣe fún un. Apá kejì yìí ni ìtànyòò. Kò pa àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ó kàn fi ìmọ́lẹ̀ kún un ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwọ̀n kan náà kún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù.

Nínú fáìlì, nọ́ńbà mẹ́ta ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, láti 0 dé 255. Mú un bí ife mẹ́ta. Bí ife bá ti kún dé 255, ohun tí o bá tún dà sí i á dànù, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè wo ife náà kó mọ iye tó dànù. Lẹ́tà kì í sọnù níbi tí ife kan bá ti kún. Ibi tí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti kún, nínú lẹ́tà àti lára pátákó tó yí i ká, ló ti ń sọnù.

Wo pátákó wa níbi tí oòrùn kò dé. Yẹ́lò rẹ̀ jẹ́ 235, 200, 40. Pupa lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 180, 30, 35. Nígbà tí oòrùn da ìmọ́lẹ̀ lé e, ife pupa kún nínú méjèèjì, nítorí pé méjèèjì ti súnmọ́ ẹnu tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kò ràn wá lọ́wọ́. Ní ti búlúù, 40 àti 35 jọ gbéra nísàlẹ̀, wọ́n sì jọ gòkè ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dé nǹkan bíi 227, àwọn méjèèjì á dé ibẹ̀ pọ̀, ojú kò ní rí ààlà kankan láàárín wọn. Àmọ́ nínú àwọ̀ ewé, láti 200 ni yẹ́lò ti gbéra, láti 30 ni pupa ti gbéra. Yẹ́lò á kún dé 255 kí pupa tó débẹ̀, pupa á ṣì wà ní nǹkan bíi 226. Ibẹ̀ ni lẹ́tà wa fara pamọ́ sí.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìyàtọ̀ 170 tó wà níbi òjìji ti di 29 péré. Apá kan lára rẹ̀ dànù nígbà tí yẹ́lò kún dé ẹnu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nọ́ńbà inú JPEG kì í gòkè pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ní ọgbọọgba: bó ṣe ń súnmọ́ 255 ni ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń yọrí sí nọ́ńbà díẹ̀. Lójú tiwa, 226 àti 255 jọ funfun. Lójú kọ̀ǹpútà, 29 kì í ṣe nǹkan kékeré.

Bí pátákó tìrẹ kò bá jẹ́ pupa lórí yẹ́lò, ìlànà náà kò yí padà. Wá ẹ̀ka àwọ̀ tí ọ̀dà méjèèjì ti jìnnà síra jù. Lẹ́tà búlúù lórí funfun, inú pupa ni kí o wò. Lẹ́tà pupa lórí funfun, wo àwọ̀ ewé tàbí búlúù. Dúdú lórí funfun ló le jù, nítorí pé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ohun kan náà, kò sí èyí tó máa dá ọ lọ́lá ju èkejì lọ.

Ka nọ́ńbà kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ṣí fáìlì náà, tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ̀tọ̀, kí o wá ṣí fèrèsé tó ń ka píksẹ́lì:

```
Windows > Dockable Dialogs > Pointer
```

Yan `RGB (0..255)` nínú rẹ̀. Sún fọ́tò náà tóbi dé 400%, kí o máa gbé ọfà máòsì káàkiri, kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀. Ibi mẹ́rin tó: yẹ́lò níbi òjìji, pupa lẹ́tà níbi òjìji, yẹ́lò lábẹ́ ìtànyòò, àti ibi tí o rò pé òpó lẹ́tà tó sọnù wà. P tàbí B, méjèèjì ló ní òpó gbọọrọ lápá òsì, nítorí náà o mọ ibi tí o máa wá a sí.

Níbi tiwa, lórí òpó náà ni mo ti rí 255, 226, 227. Yẹ́lò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ 255, 255, 228. Èyí ti tó láti mọ̀ pé lẹ́tà náà kò tíì lọ. Bó bá jẹ́ pé 255, 255, 255 ni mo rí níbi méjèèjì, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e, apá tó sọ nípa lẹ́tà tó ti lọ pátápátá ni mo máa lọ sí tààrà.

Ya àwọ̀ sọ́tọ̀, kí o sì na ìyàtọ̀ náà

```
Colors > Components > Decompose
Color model: RGB
Decompose to layers
```

GIMP á ṣí fọ́tò tuntun tó ní ìpele mẹ́ta, dúdú àti funfun ni gbogbo wọn. Pa ojú `red` àti `blue` dé, kó ku `green`, kí o sì tẹ ìpele `green` náà kó lè jẹ́ òun lo yàn. Ní báyìí, ṣí `Colors > Levels`, kí o gbé igun òsì `Input Levels` lọ sí 215, kí ti ọ̀tún dúró sí 255. Ohun tí o ṣe ni pé o sọ 215 di dúdú, o sì na ogójì nọ́ńbà tó kù kó kún gbogbo àyè. Ibi tó ń dán tẹ́lẹ̀ á wá ní òjìji lára. Ìyókù fọ́tò á di dúdú kirikiri, ìyẹn kò kàn wá.

Má rò pé lẹ́tà odindi máa jáde wá bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Ohun tó máa ń jáde ni àbàtà òjìji tí etí rẹ̀ kò mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a máa wo odindi lẹ́tà. Ronú sí ibi tí P àti B ti yàtọ̀ síra: méjèèjì ló ní òpó, méjèèjì ló ní ikùn òkè. Ikùn ìsàlẹ̀ nìkan ni B fi ju P lọ. Gbogbo iṣẹ́ yìí dá lórí ibì kan tí kò ju èékánná lọ: apá ọ̀tún, ìdajì ìsàlẹ̀.

Fa ìlà kan lọ́kàn rẹ láti òsì sí ọ̀tún gba àárín ìdajì ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà kọjá. Padà sí fọ́tò tí o kò tíì nà, kí o máa ka nọ́ńbà àwọ̀ ewé lórí ìlà náà. Bó bá jẹ́ P, òpó nìkan ni o máa bá pàdé, yẹ́lò ló kù títí dé O:

```
226   255   255   255
```

Bó bá jẹ́ B, o máa bá òpó pàdé, lẹ́yìn rẹ̀ ihò inú ikùn, lẹ́yìn rẹ̀ ara ikùn, kó tó di yẹ́lò ìta:

```
226   255   231   255
```

Èyí tó wà lórí pátákó wa ni ìkejì. Ara ikùn kò lọ sílẹ̀ dé 226 bíi ti òpó nítorí pé ó tínrín ju òpó lọ, JPEG sì ti fi yẹ́lò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là á. Ohun tí mo gbára lé ju 231 fúnra rẹ̀ lọ ni pé ó lọ sílẹ̀, ó sì tún gòkè padà, ní ibi tó yẹ kí ikùn wà. Ka ìlà mìíràn díẹ̀ sókè àti díẹ̀ sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ikùn lóòótọ́, ibi tó lọ sílẹ̀ yẹn á máa yí bọ̀ sí òsì bí o ṣe ń lọ sí ìdí lẹ́tà, títí tí yóò fi pàdé òpó.

Fi lẹ́tà tí o mọ̀ dán ọ̀nà náà wò

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, òun ni mo sì kà sí jù. Ẹni tó bá ti ń retí B, ojú rẹ̀ á rí B nínú àbàtà èyíkéyìí. Wo O tó tẹ̀ lé lẹ́tà náà. Apá òsì rẹ̀ wà nínú ìtànyòò kan náà. A mọ̀ pé O ni, a mọ ibi tó yẹ kí òjìji wà lára rẹ̀. Ka ìlà bíi ti ìṣáájú gba inú rẹ̀ kọjá. Bí apá òsì O bá hàn gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, tó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 230 tó sì gòkè padà, ọ̀nà náà ń sọ òótọ́ níbi tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, a sì lè gba ohun tó sọ nípa B gbọ́. Bí O tí a mọ̀ kò bá hàn, àìhàn ikùn ìsàlẹ̀ kò túmọ̀ sí P. Ó kàn túmọ̀ sí pé a kò lè ríran níbẹ̀.

Ayédèrú òjìji méjì ló máa ń tan èèyàn jẹ. Èkíní ni ti JPEG, tó máa ń gé fọ́tò sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ́lì 8. Bí etí òjìji tí o rí bá gún gbọnrangandan, tó sì dúró sórí ìlà àwọn onígun mẹ́rin yẹn, má gbà á. Ikùn lẹ́tà máa ń yí ni. Èkejì ni ti fóònù, tó máa ń mú etí nǹkan gún régé fúnra rẹ̀, tó sì ń fi ìlà tínrín kan yí ibi funfun ká. Ìlà yẹn kì í ju píksẹ́lì kan sí méjì lọ, ó sì máa ń bá etí ìtànyòò lọ, kì í bá ìrísí lẹ́tà lọ. Lápapọ̀, ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí. 24, bíi tiwa, ẹ̀rí ni.

Bí lẹ́tà bá ti lọ pátápátá

Nígbà tí gbogbo ife bá ti kún, kò sí mẹ́nù tó lè mú un padà. `Shadows-Highlights` á kàn sọ funfun di eérú, òjìji kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò ní ìrísí kankan nínú. Bí o bá rí i pé ibẹ̀ tẹ́ bẹ́ẹ̀, fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kí o lọ wá ẹ̀rí níbòmíràn nínú fọ́tò náà.

Èdè lè bá ọ sọ̀rọ̀. Ká ní ọ̀rọ̀ kan tún tẹ̀ lé e lórí pátákó náà, ìbá ti parí: akọ ni POISSONS nínú gírámà Faransé, abo ni BOISSONS, nítorí náà FRAIS á bá ti àkọ́kọ́ lọ, FRAÎCHES á bá ti èkejì lọ. Wo ìsàlẹ̀ pátákó fún àwòrán ìgò tàbí ti ẹja. Wo ẹnu ọ̀nà fún kéréètì tàbí fìrísà, àmọ́ rántí pé ẹlẹ́ja náà ń ra mínírà, kéréètì kan ṣoṣo kò tó. Bí nọ́ńbà fóònù bá wà lórí pátákó tó sì mọ́, ìpè kan lè gbà ọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìnira yìí. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, fọ́tò mìíràn ni kí o wá. Mi ò ní fi "ó jọ pé" pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé ọmọdé.

Pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà

B ni. ÌSỌ̀ OHUN MÍMU la ó kọ. B tí a yọ jáde yìí tún ní iṣẹ́ kejì: etí òsì òpó rẹ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀, orí àti ìdí rẹ̀ sì fi gíga lẹ́tà hàn níbi tí ojú kò ti lè rí i. Ya ìlà méjì sórí fọ́tò gidi, ọ̀kan kan orí gbogbo lẹ́tà láti B dé S tó kẹ́yìn, ọ̀kan kan ìdí wọn. Bí wọ́n bá ya pátákó náà láti ẹ̀gbẹ́, ìlà méjèèjì kò ní dúró ní ọgbọọgba síra, wọ́n á máa súnmọ́ra bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí kámẹ́rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ṣe pátákó òfìfo. Fi `Clone` mú yẹ́lò láti ibi òjìji, kí o fi bo gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́, kí o sì fi bo gbogbo ibi tí ìtànyòò wà pẹ̀lú, títí kan ibi tí kò sí lẹ́tà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé a máa tó da ìtànyòò náà padà. Bí o bá fi díẹ̀ lára ti àtijọ́ sílẹ̀ lábẹ́, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì níbẹ̀, òrùka funfun kan á sì yọ lára pátákó tí kò sí tẹ́lẹ̀. Mú yẹ́lò rẹ láti ibi púpọ̀, má ṣe ẹyọ ibì kan, kí ìdọ̀tí àti ìlà búrọ́ọ̀ṣì má baà tún ara wọn ṣe.

Kọ ọ̀rọ̀ náà. Fi `Color Picker` mú pupa lẹ́tà níbi òjìji nínú ẹ̀dà tí o tọ́jú sí ọ̀tọ̀, kó má baà jẹ́ pé pupa tí oòrùn ti là lo mú. Fọ́ńtì tó bá gbé àmì ohùn àti àmì ìdí pọ̀ lórí lẹ́tà kan ni kí o lò. Noto Sans ń gbé Ọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì olówó iyebíye ni kò lè ṣe é, àmì ohùn rẹ̀ á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Bó o bá ní láti lo irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó jọ ọwọ́ ẹni tó kọ pátákó, kọ O lásán, kí o gé àmì orí É inú DÉPÔT, yí i padà sí òdìkejì kó di àmì ohùn ìsàlẹ̀, kí o gbé e lé e lórí. Àmì ìdí, fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é, kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju ti òpó lẹ́tà lọ. Ṣọ́ àyè náà pẹ̀lú. Faransé kò ní àmì ìdí lábẹ́ O, nítorí náà ẹni tó kun pátákó náà lè ti fi ìdí lẹ́tà súnmọ́ etí rẹ̀ jù. Bí àmì ìdí bá fẹ́ gun etí pátákó, dín gíga gbogbo lẹ́tà kù díẹ̀, má ṣe dín ti Ọ̀ nìkan.

Tí o bá fẹ́ kí ìrísí náà jẹ́ ti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ gan-an, lẹ́tà àtijọ́ lè bí tuntun. I méjì àti igi àárín E á fún ọ ní H. I méjì àti ìdajì ìsàlẹ̀ O á fún ọ ní U. N àti O ti wà nílẹ̀. M nìkan ló máa ń fa wàhálà, mo sì máa ń fọwọ́ ya á.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wà lórí ìpele tirẹ̀, mú irinṣẹ́ `Perspective`, kí o fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ bá àwọn ìlà tí o yà. Sún fọ́tò padà sí 100%. Etí lẹ́tà tuntun á mú ju ti nǹkan tó yí i ká lọ. `Gaussian Blur` ìwọ̀n 0.8 sí 1.5 sábà máa ń tó. Fi etí nọ́ńbà fóònù tàbí ti ohun mìíràn lórí pátákó náà wé e títí wọ́n á fi dọ́gba.

Da oòrùn padà

Rántí ìpele `blue` tí a pa ojú rẹ̀ dé. A ní kò wúlò fún kíkà nítorí pé yẹ́lò àti pupa jọ wà nísàlẹ̀ nínú rẹ̀, 40 àti 35. Ìdí kan náà ló mú kó wúlò gan-an níhìn-ín. Nígbà tí ọ̀dà méjèèjì kò ta búlúù púpọ̀ padà, búlúù èyíkéyìí tó bá ju ìyẹn lọ níbẹ̀, oòrùn ló gbé e wá. Ìpele náà jẹ́ àwòrán ìtànyòò nìkan, láìsí lẹ́tà nínú rẹ̀. (Lórí pátákó funfun tàbí búlúù, èyí kò ní ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, o ní láti fi `Gradient` ya ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ.)

Padà sí fọ́tò tí o yà sọ́tọ̀, yan ìpele `blue`, kí o sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Pẹ̀lú `Edit > Paste as > New Layer`, gbé e wá sí òkè gbogbo ìpele inú fọ́tò gidi. Fi `Levels` gbé igun òsì rẹ̀ lọ sí 40, kí ibi òjìji pátákó lè di dúdú, kó má fi nǹkan kan kún un. Fi `Gaussian Blur` díẹ̀ pa àmì etí lẹ́tà àtijọ́ tó bá ṣẹ́kù rẹ́. Yí mode ìpele náà sí `Addition`, fi ọ̀tún tẹ ìpele náà, kí `Blend Space` rẹ̀ jẹ́ `RGB (linear)`, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kún ìmọ́lẹ̀ lójú ayé. Gé ohun tó bá kọjá etí pátákó kúrò nínú ìpele náà, pàápàá ojú ọ̀run.

Oòrùn á bo lẹ́tà tuntun bó ṣe bo B. Ó jọ òótọ́, àmọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìwé kò ní rí i kà. Fa `Opacity` ìpele ìtànyòò wálẹ̀ títí lẹ́tà tó wà níbẹ̀ á fi ṣeé kà láìfi ojú wá a. 50 sí 60 ni mo sábà máa ń dúró sí. Má yọ ọ́ tán. Bí ìyókù ògiri, òrùlé àti ilẹ̀ bá ń gba oòrùn ọ̀sán, pátákó kan ṣoṣo tó wà nínú òjìji á dá yàtọ̀.

Fi búrọ́ọ̀ṣì pa nọ́ńbà fóònù tó wà lórí pátákó rẹ́, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán nínú ìwé pé a ti yí ọ̀rọ̀ pátákó náà padà. Tọ́jú iṣẹ́ náà sí XCF pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀, kí o fi `File > Export As` ṣe JPEG tí `Quality` rẹ̀ jẹ́ 92 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí o sì fi í ránṣẹ́ sí olóòtú gẹ́gẹ́ bíi `Document`. Fi àwòrán ìpele `green` tí o nà yẹn kún un, kí o fa ìlà pupa sí ibi tó lọ sílẹ̀ sí 231. Olóòtú tó gbọ́ Faransé máa bi ọ́ bí o ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹja.